"Wò" ti pọ̀ jù nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi, kí ni kí n fi rọ́pò ẹ̀?

Àdùkẹ́ Akọ̀tàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mò ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, wọ́n bá bàbá oníṣòwò kan lókùú nínú yàrá ẹ̀ ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi, Àlàní, ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ni. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Àlàní dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀. Ó wọlé, ó wo ibùsùn. Ó wo fèrèsé. Ó wo ọmọ ọ̀dọ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ náà wò ó. Ó wo ife tó wà lórí tábìlì, ó wá wo abẹ́ ibùsùn, ó rí nǹkan kan."

Wò méje ni mo kà níbẹ̀. Tó bá ṣe gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ́, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló wà, ṣùgbọ́n Yorùbá ńkọ́? Àwọn ọ̀rọ̀ wo lẹ máa ń lò?

Tísà Kúnlé
Àdùkẹ́, ìbéèrè yìí bọ́ sásìkò, àwọn ọmọ kíláàsì mi náà ni wàhálà yìí ń bá, gbogbo àròkọ wọn kìkì "lúùkù, lúùkù" ni, mo ti kọ lísìtì kan sára pátákó fún wọn. Mo rò pé ohun tó o nílò ni kó o mú lísìtì gẹ̀ẹ́sì yẹn kó o wá Yorùbá kọ̀ọ̀kan sí iwájú ẹ̀. Gíláànsì, kófìrí nìyẹn. Píà, yọjú wò nìyẹn. Síkáànù, yẹ̀wò nìyẹn. Sítéà, ranjú mọ́ nìyẹn. Tó o bá ti ní mẹ́rin yẹn, máa pààrọ̀ wọn síbi tí wò wà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó parí.

Àdùkẹ́ Akọ̀tàn
Ẹ ṣé o, sà. Mo gbìyànjú ẹ̀ báyìí, mo kọ "Àlàní kófìrí fèrèsé, ó yẹ ibùsùn wò." Mo kà á sókè fún àbúrò mi, ó ní ṣé dókítà ni Àlàní ni, pé kí ló ń ṣe ibùsùn.

Olótùú Ìwé Yorùbá
Àbúrò ẹ gbọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nítorí ìwé àfọwọ́kọ tó ń kọjá lọ́wọ́ mi pọ̀, èyí tó jẹ́ ìtàn ìwádìí ọ̀ràn nínú wọn, ibi tí wọ́n ti ń wo nǹkan ló máa ń bà jẹ́ jù.

Tísà, yọjú wò àti ranjú mọ́ tẹ́ ẹ mú wá dáa. Kófìrí ni kò bọ́ sí i. Ohun tó jẹ́ ni pé Yorùbá ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ látilẹ̀wá, wíwò ni èèyàn ń ṣe, rírí ni ohun tó ń bá èèyàn. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé "mo wò ó títí, mi ò rí i", ẹnikẹ́ni ò sì ní rò pé a ń ta ko ara wa. Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí ló ń sùn. Kófìrí, ọ̀dọ̀ rí ló ń sùn. Kò sí bó o ṣe lè mọ̀-ọ́n-mọ̀ kófìrí fèrèsé. Ẹni tó ń sáré kọjá lẹ́yìn fèrèsé lo máa kófìrí, o ò múra fún un, ojú ẹ kàn bá a ló bá ti lọ. Gán-án-ní náà, ọ̀dọ̀ rí ni. Tajú kán náà rí bẹ́ẹ̀, "bó ṣe tajú kán báyìí, ó rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò tì". Kò wá a, ó kàn hàn sí i ni.

Bojú wẹ̀yìn, ṣíjú wò, fi igun ojú wò, tẹjú mọ́, fojú ṣọ́, gbogbo ìyẹn ọ̀dọ̀ wò ni wọ́n wà, ẹni tó ń ṣe é ló pinnu pé òun máa ṣe é.

Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹwà èdè. Tó o bá kọ ọ́ pé Àlàní rí nǹkan, òǹkàwé máa bi ẹ́ pé kí ló rí, o jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Tó o bá kọ ọ́ pé Àlàní wo nǹkan, tó wò ó pẹ́, tó wá dìde, gbèsè yẹn ò tíì délẹ̀, òǹkàwé á máa fojú sọ́nà. Ní tìẹ, "ó rí nǹkan kan" lo fi parí ẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù níbẹ̀, ó ju wò méje yẹn lọ. O sọ fún wa pé ó rí, o tún fi ohun tó rí pa mọ́.

Tísà Kúnlé
Mo gbà nípa kófìrí, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n yẹ̀wò ńkọ́? Gbogbo ìwé ìròyìn ló ń sọ pé ọlọ́pàá ṣàyẹ̀wò yàrá.

Olótùú Ìwé Yorùbá
Ìròyìn lè sọ bẹ́ẹ̀ torí pé iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan ló ń sọ ní gbólóhùn kan. Tá a bá yẹ nǹkan wò, à ń fẹ́ mọ ipò tó wà ni, ṣé ó dáa àbí kò dáa, ṣé ó pé àbí kò pé. Dókítà á yẹ aláìsàn wò, mẹkáníìkì á yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Àlàní lè yẹ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wò torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n já a. Kò lè yẹ yàrá wò ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó débẹ̀, kò tíì mọ ohun tó ń wá. Ohun tó ń ṣe lásìkò yẹn, "ó wò yíká" ni, tàbí "ó fojú yí yàrá náà ká".

Ìyá Táyé Alásọ
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò kọ ìwé rí, aṣọ ni mò ń tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi mo mọ ẹni tó fẹ́ rajà àti ẹni tó fẹ́ jalè nípa ojú nìkan. Ẹni tó fẹ́ rajà á wo aṣọ. Á fọwọ́ kàn án wò, á gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ wò, á yí i wò lẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ jalè kì í wo aṣọ rárá, ọwọ́ ẹ̀ máa wà lórí aṣọ ṣùgbọ́n èmi ló ń wò, á wo ọmọ tó ń bá mi tà, á tún wo ẹnu ọ̀nà, á wá yára dá ojú ẹ̀ padà sórí aṣọ tí mo bá yíjú sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá obìnrin méjì ló wọlé, ọ̀kan ń bá mi nájà léèsì, ó tẹjú mọ́ mi lẹ́nu tí kò ṣẹ́jú, mo bá bi ara mi pé kí ló dé tí eléyìí ò wo léèsì tó ń ná. Mo fi igun ojú wò báyìí, èkejì ẹ̀ ti ń ki áńkárá bọ abẹ́ gèlè tó ká sọ́wọ́. Torí náà ibi tí ojú ẹni yẹn wà ni kó o sọ fún wa, kó o tún sọ ibi tó yẹ kí ojú ẹ̀ wà.

Olótùú Ìwé Yorùbá
Ìyá Táyé, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ wo nǹkan tẹ́ ẹ ṣe láìmọ̀ o: fọwọ́ kàn án wò, gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ wò, yí i wò. Wò tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ojú nìkan. Tọ́ ọ wò, ahọ́n ni. Gbóòórùn ẹ̀ wò, imú ni. Mì í wò, etí ló máa gbọ́ ọ. Bi í wò, ẹnu ni. Èdè wa gbà kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi gbogbo ara ẹ̀ wò. Àdùkẹ́, ife orí tábìlì yẹn, kí ló dé tí Àlàní kàn wò ó lásán? Jẹ́ kó gbóòórùn ẹ̀ wò.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ní kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo dé ibi ife yẹn mi ò lè dákẹ́ mọ́. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì wà lẹ́ka ìwádìí fún ọdún púpọ̀.

Àkọ́kọ́, ọmọ mi Àlàní ò gbọ́dọ̀ ti imú bọ ẹnu ife. Tó bá jẹ́ májèlé ló wà níbẹ̀, òun náà á ṣubú lé òkú. Ibi tí ife wà ni yóò ti fi àtẹ́lẹwọ́ fẹ́ atẹ́gùn orí ẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní fọwọ́ kan ife yẹn títí wọ́n á fi yà á ní fọ́tò, torí ojú ìka ọwọ́ wà lára ẹ̀.

Ìkejì, ẹ sọ pé ó dé ẹnu ọ̀nà ó wo ilẹ̀, ó dáa, ìyẹn gan-an ni wọ́n kọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wọlé kíá bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń wo yàrá kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, torí ẹsẹ̀ ẹ lè pa ohun tó ò ń wá rẹ́. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ símẹ́ǹtì dídán tàbí táìlì, iná òkè yàrá ò ní fi nǹkan kan hàn ẹ́. Ohun tí à ń ṣe ni pé a máa pa iná yẹn, a máa tan tọ́ọ̀ṣì, a máa bẹ̀rẹ̀, a máa gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn sún mọ́ ilẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lè sùn gbalaja lórí símẹ́ǹtì bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Gbogbo eruku tí ẹsẹ̀ tẹ̀ máa ní òjìji, ojú bàtà tí ẹ ò rí tẹ́lẹ̀ á yọ síta. Mo rántí ọ̀kan, a ti dúró sí yàrá yẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ta nínú wa, gbogbo wa ń wo ilẹ̀, ilẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ọ̀gá wa dé, ó ní ká pa iná, ó lóṣòó, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ojú sálúbàtà kan ló jáde, ó lọ síbi fèrèsé, kò padà.

Tó bá wọlé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kó gbà, torí àárín yàrá lèèyàn máa ń tẹ̀ jù. Àti pé a kì í wo yàrá káàkiri bí ẹni ń ṣe fàájì, a máa pín in lójú ara wa bí ebè oko ni, a máa lọ láti ògiri kan dé èkejì, a máa yí padà, a máa mú ebè tó tẹ̀ lé e, títí yàrá á fi tán. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹ fẹ́ lò fún ìyẹn.

Olótùú Ìwé Yorùbá
Bàbá, ẹ ti lo ọ̀rọ̀ náà. "Ó fojú kọ ebè lórí ilẹ̀ yàrá náà." Ta ló fẹ́ síkáànù mọ́?

Dèjì ará Pẹ́kàmù
Ó dùn mọ́ mi o, ṣùgbọ́n ṣé ìyẹn kì í ṣe àṣejù? Lọ́dọ̀ wa níbí, Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ Yorùbá ò mọ ebè. Èmi ìbá kọ pé "ojú rẹ̀ rìn yí yàrá náà ká", tàbí "ó fojú gbá ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri". Ó yá, ó rọrùn.

Olótùú Ìwé Yorùbá
Ojú tó ń rìn yẹn, bọ̀dá mi, mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì nínú ẹ̀. Ojú Yorùbá kì í fẹsẹ̀ rìn kúrò lára olówó ẹ̀, èèyàn ló ń fi ojú ṣe nǹkan: fojú wá, fojú bá, fojú kàn, fojú ṣọ́. Àwọn ohun tí ojú fi ara ẹ̀ ṣe ní èdè wa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ojú máa ń tó nǹkan, ojú máa ń bá nǹkan, ojú ẹni méjì lè ṣe mẹ́rin. Fojú gbálẹ̀ mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n ó mọ́ mi létí ju ti rìn lọ, torí èèyàn ló ṣì ń ṣe é.

Dèjì ará Pẹ́kàmù
Mi ò gbà pátápátá. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé "ojú mi ti lọ" tó bá ti ń rò nǹkan míì. Ojú ń lọ nìyẹn.

Ìyá Táyé Alásọ
Èmi náà máa ń sọ pé ojú ẹni yẹn ń lọ sọ́tùn-ún sósì, olè nìyẹn ṣá.

Olótùú Ìwé Yorùbá
Hmm. Lọ yàtọ̀ sí rìn lójú tèmi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín, màá ronú sí i.

Àdùkẹ́ Akọ̀tàn
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé púpọ̀. Bàbá Sájẹ́ǹtì, mo ti gé ibi tó ti wọlé kíá yẹn kúrò. Ohun tó kù tó ń dà mí láàmú ni ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fura sí i. Mo rò pé kí n kọ ọ́ pé kò lè wo Àlàní lójú, ó ń wo ilẹ̀. Ṣé ó dáa?

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì
Rárá o, ọmọ mi. Ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tuntun ló máa ń ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń wo ilẹ̀ níwájú àgbà, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Tó bá ranjú mọ́ mi ni mo máa bi í pé ta ló bí i. Àwọn tó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ìwé òyìnbó nìkan, wọ́n á ní ẹni tó bá gbé ojú kúrò, irọ́ ló ń pa. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀ ti ọmọ aláìmọ̀kan mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin lójú mi, ẹni tó ṣe nǹkan yẹn gan-an ló dúró níbẹ̀ tó ń wo gbogbo wa lójú kòrókòró, tó ń dáhùn "yẹ́ẹ̀sì sà".

Ìyá Táyé Alásọ
Òótọ́ ni bàbá sọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú tó wolẹ̀ nìkan.

Olótùú Ìwé Yorùbá
Níbí gan-an la ti nílò ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi, Àdùkẹ́, ju ti Àlàní fúnra ẹ̀ lọ. Ọmọ tó dorí kodò, ọ̀wọ̀ tàbí ẹ̀rù ni. Tó bá mọ́ Àlàní lójú, ìwọ̀sí ni, kò ní bá ọmọ ọ̀dọ̀ mu àfi tó bá ti fẹ́ bá a jà. Tó bá wò ó kọ̀rọ̀, inú ń bí i, ó sì fẹ́ fi pa mọ́. Tó bá wò ó sùn-ùn, ó lè jẹ́ pé ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá, ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń wo èèyàn bẹ́ẹ̀. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á gbé ìtàn rẹ gba ọ̀nà míì?

Tó o bá fẹ́ ká fura sí i láìsọ̀rọ̀, lo ẹ̀kọ́ Ìyá Táyé. Jẹ́ kí ọmọ yẹn dorí kodò bó ṣe yẹ kó dorí kodò. Lẹ́yìn náà, tí Àlàní bá sún mọ́ ohun kan nínú yàrá, ohun kan péré, kí ojú ọmọ náà ṣí wò ó, kó tún padà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Òǹkàwé tó bá ń fọkàn bá ẹ lọ á ti mọ̀.

Tísà Kúnlé
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ò tíì jáde o. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwọn ọmọ wa tí wọn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á tẹ "o wo ile naa" báyìí. Ṣé ó wo ilé náà ni àbí ó wọ ilé náà? Nínú ìtàn tí ẹni tó wọlé ti lè di ọ̀daràn, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo ti gba irú àròkọ yẹn, ọmọ náà kọ ọ́ pé "olopaa wo yara naa, aladuugbo wo yara naa". Ó kù sọ́wọ́ èmi láti mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Olótùú Ìwé Yorùbá
Tísà, ẹ ṣé. Kókó gan-an nìyẹn. Kí Àdùkẹ́ tún fi sọ́kàn pé wò fúnra ẹ̀ máa ń sọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ nù tí orúkọ bá tẹ̀ lé e: wò ó, ṣùgbọ́n wo ilé. Kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn tún àkọtọ́ ṣe máa ń da ìyẹn rú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo fẹ́ sọ tí àwọn kan lè má fara mọ́. Èmi ò gbà pé wò méje ti pọ̀ jù nínú ara ẹ̀. Ẹ̀rù àtúnwí yẹn, láti kíláàsì gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Àwọn tó ń pa àlọ́ fún wa ní kékeré, wọ́n á ní "ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wẹ̀yìn wò, kò rí ẹnì kankan", ara wa á sì ti máa bù máṣọ, torí wò yẹn ń lù bí ìlù, ó ń gun òkè lọ síbi "kò rí". Wò tìẹ ò lọ síbì kankan, ìyẹn ni ìṣòro ẹ̀. Ilẹ̀, ibùsùn, fèrèsé, bí ẹni ń ka ẹrù ilé.

Dèjì ará Pẹ́kàmù
Ní tèmi, àlọ́ yàtọ̀ sí ìwé. Àlọ́, ohùn ló gbé e. Lórí ìwé, ojú òǹkàwé máa fo wò kẹrin kọjá ni.

Tísà Kúnlé
Èmi náà fara mọ́ Dèjì níbí. Tó bá jẹ́ ìdánwò ni, màá yọ máàkì.

Àdùkẹ́ Akọ̀tàn
Ẹ má jà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti tún un kọ, ẹ bá mi wò ó:

"Àlàní dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní kí wọ́n pa iná. Ó tan tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀, ó lóṣòó, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ sùn lórí símẹ́ǹtì, ó wá tẹjú mọ́ ọn. Ojú bàtà kan yọ nínú eruku, gìgísẹ̀ rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà, ìka rẹ̀ kọ sí ibùsùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọlé. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó dorí kodò. Àlàní kọjá níwájú fèrèsé, ọmọ náà ò mira. Ó kọjá níwájú tábìlì tí ife wà, kò mira. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi ibùsùn. Nínú dígí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kófìrí ojú ọmọ náà tó ṣí, tó tún padà sílẹ̀. Ó yọjú wo abẹ́ ibùsùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbọn eéruku kúrò lórúnkún, ó ní kí wọ́n pe ayàfọ́tò."

Wò kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀.

Ìyá Táyé Alásọ
Ha! Dígí yẹn! Inú dígí ṣọ́ọ̀bù lèmi náà ti máa ń rí wọn.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì
Ó dáa gan-an, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tó bá ti pa iná, ta ló tún un tàn tó fi rí ojú ọmọ nínú dígí? Fi gbólóhùn kan síbẹ̀ pé wọ́n tanná padà. Bákan náà, ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá rárá kí ayàfọ́tò tó dé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ìtàn lò ń kọ, àti pé láyé àtijọ́ gbogbo àdúgbò la máa ń bá nínú yàrá, ìyá olóògbé ti máa ń gbálẹ̀ ká tó dé.

Àdùkẹ́ Akọ̀tàn
Bàbá, ẹ ṣé, màá fi iná yẹn síbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn, màá jẹ́ kó dúró lórí ẹnu ilẹ̀kùn inú, kó má wọlé, dígí ṣì máa bá a níbẹ̀.

Olótùú Ìwé Yorùbá
O ò lo rí fún ohun abẹ́ ibùsùn, mo rí i, ó sì wù mí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá ẹ jà lé lórí: yọjú wo abẹ́ ibùsùn. Ẹni tó yọjú, ibi tó fara pa mọ́ ló ti mú ojú jáde, ẹnu fèrèsé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kọ̀rọ̀ ilé. Ní abẹ́ ibùsùn, Àlàní ń mú ojú wọlé ni, kò yọ ọ́ jáde. Ẹni tó sá sábẹ́ ibùsùn ló lè yọjú níbẹ̀. Èmi á kọ ọ́ pé "ó fi àyà lélẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn".

Tísà Kúnlé
Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n a máa ń sọ pé "yọjú wo inú kànga". Ṣé inú kànga lẹni yẹn ti ń jáde ni?

Olótùú Ìwé Yorùbá
Ẹni tó yọjú wo inú kànga, etí kànga ló ti yọ ojú ẹ̀, ó gbé orí kọjá ògiri kànga. Abẹ́ ibùsùn ò ní etí tó o máa gbé orí kọjá.

Ìyá Táyé Alásọ
Ó ní o, béèdì ṣíìtì tó wọ́ dé ilẹ̀. Tó bá gbé e sókè, tó ti orí bọ ibẹ̀, mo rò pé yọjú ni mo máa sọ.

Àdùkẹ́ Akọ̀tàn
Béèdì ṣíìtì ò sí nínú ìtàn mi o, Ìyá Táyé. Àmọ́ ẹ dúró ná... tí béèdì ṣíìtì bá wọ́ dé ilẹ̀, ta ló tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nígbà tí bàbá kú sórí ẹ̀? Mò ń padà lọ síbi tábìlì mi.